Ìyàwó Mẹ́rin, Ọmọ Mẹ́sàn-án, Bàbá Kò Ṣe Wíìlì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Bí A Ṣe Ń Wá Òfin àti Ìdájọ́

Bàbá kú, kò ṣe wíìlì. Àwọn ọmọ ìyá kan ní ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín ogún, ìyẹn ni pé kí ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan náà; àwọn tó kù ní orí-ò-jorí ni, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba iye kan náà. Ọ̀kan nínú wọn gbé fóònù rẹ̀ jáde, ó ní òun ti rí ẹjọ́ kan tó gbè wọ́n lẹ́yìn. Àwa ò ní bá ẹnikẹ́ni pín ogún níbí o. Ohun tí a fẹ́ fi hàn yín ni bí ẹ ṣe lè fúnra yín wá ohun tí òfin Nàìjíríà sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, àti bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá ìdájọ́ tí ẹ rí ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Kí ni mo máa kọ́kọ́ wá, ṣé òfin ni àbí ẹjọ́?

Òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwádìí òfin máa ń sáré lọ sí ìdí ẹjọ́, torí ìtàn ló wà nínú ẹjọ́, ó sì dùn ún kà. Ṣùgbọ́n bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá ti sọ̀rọ̀ lórí nǹkan kan, adájọ́ kò lè fi àṣà dá ẹjọ́ tó ta ko ohun tí wọ́n sọ.

Nínú ọ̀rọ̀ ogún yìí, ìbéèrè méjì ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Àkọ́kọ́, ṣé bàbá ṣe wíìlì? A ti sọ pé kò ṣe é. Èkejì, irú ìgbéyàwó wo ló ṣe? Bí ó bá fẹ́ ìyàwó ní kọ́ọ̀tù, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ láti so tọkọtaya pọ̀ lábẹ́ òfin ìgbéyàwó, ọ̀nà mìíràn ni ogún rẹ̀ máa gbà. Nílùú Èkó, abala 49(5) nínú Òfin Ìṣàkóso Dúkìá Olóògbé sọ pé bí ẹni tí àṣà ìbílẹ̀ ń darí bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, tó sì kú láìṣe wíìlì, tó fi ìyàwó tàbí ọkọ tàbí ọmọ inú ìgbéyàwó náà sílẹ̀, òfin yìí ni wọn yóò fi pín ohun ìní rẹ̀, ohun yòówù kí àṣà wí. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ lo abala yìí nínú ẹjọ́ Obusez v Obusez lọ́dún 2007, wọ́n sì gbè lẹ́yìn opó àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹni tó lo ọjọ́ mẹ́ta gbáko lórí ìdí-igi láìbéèrè bóyá bàbá lọ kọ́ọ̀tù pẹ̀lú ìyàwó kan ti ṣiṣẹ́ àṣedànù. Ní ti àpẹẹrẹ wa, ẹ jẹ́ ká gbà pé ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni gbogbo ìyàwó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìgbà yẹn ni a tó lè wá dé ìdí àṣà.

Níbo ni mo ti lè rí òfin kà láìsan owó?

Àwọn òfin ìjọba àpapọ̀ wà nínú àkójọ tí wọ́n ń pè ní `LFN 2004`. Ẹ lè rí i kà ní `placng.org/lawsofnigeria`. Òfin kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ní lẹ́tà àti nọ́ńbà tirẹ̀: òfin ìgbéyàwó ni `Cap M6`, òfin ẹ̀rí ni `Cap E14`.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú nìyí. Ọdún 2004 ni wọ́n ti ṣe àkójọ yẹn, ìjọba ò sì jáwọ́ nínú ṣíṣe òfin láti ìgbà náà. Òfin ẹ̀rí tó wà ní `Cap E14` ti di òkú òfin láti ọdún 2011 tí wọ́n ti ṣe tuntun. Tuntun yẹn pàápàá, wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2023, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rí tó wá láti inú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá ka `Cap E14`, gbogbo ẹ̀ máa dà bíi pé ó pé, kò sì sí ohun tó máa kìlọ̀ fún yín pé wọ́n ti pa á rẹ́.

Èyí kan ọ̀rọ̀ wa gan-an, torí òfin ẹ̀rí ló sọ bí a ṣe ń fìdí àṣà múlẹ̀ ní kọ́ọ̀tù. Ẹjọ́ àtijọ́ máa tọ́ka sí abala 14. Nínú òfin 2011, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò níbẹ̀, ó ti wà ní abala 16 sí 18, kì í sì í ṣe nọ́ńbà nìkan ló yí padà. Láyé òfin àtijọ́, àṣà gbọ́dọ̀ ti wọ inú ìdájọ́ dé ìwọ̀n àyè kan kí adájọ́ tó lè gbà á láìpe ẹlẹ́rìí. Abala 17 òde òní ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó, bí ó bá ṣáà jẹ́ kọ́ọ̀tù ńlá, bíi Ilé Ẹjọ́ Gíga sókè, ló dá ẹjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni abala 18 ṣì jẹ́ kí kọ́ọ̀tù kọ àṣà tó bá ta ko ìdájọ́ òdodo àti ẹ̀rí ọkàn rere. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà bá a.

Òfin ìpínlẹ̀ le díẹ̀ láti rí. Òfin dúkìá olóògbé tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, inú òfin Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ti ọdún 1959 ló ti wá, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀ báyìí. Nọ́ńbà abala lè máà bára mu, torí náà ẹ má gbé abala 49 ti Èkó lọ sí Ìbàdàn láìwo ti Ọ̀yọ́. Ibi tó dájú jù ni ibi ìkówèésí Ilé Ẹjọ́ Gíga tàbí ti ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ náà. Ẹ béèrè àkójọ òfin ìpínlẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè gásẹ́ẹ̀tì àwọn ọdún tó tẹ̀lé e, kí ẹ lè mọ̀ bóyá wọ́n ti tún nǹkan kan ṣe. Bákan náà, ẹ ṣọ́ra fún àbádòfin. Ìwé tí wọ́n kọ `Bill` sí lórí kì í ṣe òfin, ì báà jẹ́ orí ìkànnì ilé aṣòfin lẹ ti rí i.

Báwo ni mo ṣe ń wá ìdájọ́ lórí ìdí-igi?

Orí `nigerialii.org` kò gba owó, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. LawPavilion ń gba owó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ibi ìkówèésí fáfitì àti ti kọ́ọ̀tù ló ń san án, ẹ sì lè jókòó síbẹ̀ lò ó. Ìwé àkójọ ẹjọ́ tí àwọn lọ́yà Nàìjíríà ń lò jù ni NWLR, tí Gani Fawehinmi dá sílẹ̀ lọ́dún 1985.

Bí ẹ bá fi àmì ohùn kọ ìdí-igi sínú àpótí ìwákiri, ẹ lè máà rí ohunkóhun, torí àwọn adájọ́ kì í fàmì sí i. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n sì ń gbà kọ ọ́. Ẹ gbìyànjú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan; èyí tó gbẹ̀yìn, inú Google ni kí ẹ kọ ọ́ sí:

```
"idi igi"
"idi-igi"
"ori ojori"
"ori-ojori"
site:nigerialii.org "idi igi"
```

Kò ní pẹ́ tí orúkọ ẹjọ́ kan á fi máa yọjú lemọ́lemọ́ nínú àwọn ẹjọ́ yòókù: Dawodu v Danmole. Ẹjọ́ tí gbogbo àwọn tó kù ń tọ́ka sí ni ẹ ń wá, ẹ sì ti rí i.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tó yí padà dà yín láàmú. Ní kòtẹ́milọ́rùn, orúkọ ẹni tó pe ẹjọ́ lọ sókè ló máa ń ṣáájú. Ìdí nìyẹn tí ẹjọ́ kan náà fi jẹ́ Danmole v Dawodu lọ́dún 1958, tó sì padà di Dawodu v Danmole lọ́dún 1962. Tí ẹ bá wá ọ̀kan láìwá èkejì, ìdajì ìtàn lẹ máa rí.

Kí ni àwọn nọ́ńbà tó ń tẹ̀lé orúkọ ẹjọ́?

Àdírẹ́sì ni. Ẹ wo `Ukeje v Ukeje (2014) 11 NWLR (Pt. 1418) 384`. Ọdún ló ṣáájú, ìdìpọ̀ 11 tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà orúkọ ìwé, apá 1418, ojú-ewé 384. Ti Danmole ni `(1958) 3 FSC 46`, ìyẹn ìwé àkójọ ẹjọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti Àpapọ̀ nígbà náà. Ti Dawodu ni `[1962] 1 WLR 1053`. Ìwé Lọ́ńdọ̀nù ni WLR, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti parí ẹjọ́ náà. Ó tún wà nínú ìwé tiwa, `(1962) 1 All NLR 702`. Bí àdírẹ́sì bá jẹ́ LPELR, ti LawPavilion ni, orí ẹ̀rọ lẹ sì ti máa rí i.

Kí ni wọ́n sọ gan-an nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole?

Ọ̀gbẹ́ni kan kú ní Èkó lọ́dún 1940, kò ṣe wíìlì. Ìyàwó mẹ́rin ló ní, ọmọ mẹ́sàn-án ló sì fi sáyé lọ. Ìjà wáyé lórí bí wọ́n á ṣe pín ohun tó fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣàlàyé, kí ẹ lè rí ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀. Ká ní dúkìá náà jẹ́ mílíọ̀nù 36 náírà, ká sì ní ìyá àkọ́kọ́ bí ọmọ kan, èkejì bí méjì, ẹ̀kẹta bí méjì, ẹ̀kẹrin bí mẹ́rin. Bó bá jẹ́ ìdí-igi, ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan á gba mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Ọmọ kan ṣoṣo ti ìyá àkọ́kọ́ á nìkan kó mílíọ̀nù mẹ́sàn-án, ọmọ ìyá kẹrin kọ̀ọ̀kan á sì gba mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 250. Bó bá jẹ́ orí-ò-jorí, mílíọ̀nù mẹ́rin mẹ́rin ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Adájọ́ àkọ́kọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ náà fara mọ́ orí-ò-jorí, ó ní ìdí-igi kò bá ìdájọ́ òdodo àti ẹ̀rí ọkàn rere mu. Lọ́dún 1958, ilé ẹjọ́ òkè yí ìdájọ́ yẹn padà. Wọ́n ní ìdí-igi jẹ́ ara àṣà Yorùbá tó ṣì ń ṣiṣẹ́, òun sì ni ọ̀nà tí gbogbo Yorùbá ń gbà pín ogún. Wọ́n ní orí-ò-jorí kò tíì pẹ́ púpọ̀; olórí ẹbí lè yàn án bí àwọn ọmọ bá ń jà lórí ìwọ̀n ìpín wọn, kí wọ́n má bàa gbé ara wọn dé kọ́ọ̀tù, ìpinnu olórí ẹbí lórí èyí ló sì máa lékè.

Ẹjọ́ náà tún lọ sí Pírífì Káńsìlì, ìgbìmọ̀ adájọ́ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù tó jẹ́ òpin ẹjọ́ wa nígbà náà. Lọ́dún 1962 wọ́n fọwọ́ sí ti 1958. Wọ́n ní ìlú tí ìkóbìnrinjọ ti jẹ́ ohun tí gbogbo èèyàn gbà, kò yẹ kí a kàn fi ojú ìlú aláya kan wo ohun tó jẹ́ òdodo níbẹ̀. Ìpínrọ̀ yẹn ló gbé gbogbo ẹjọ́ náà dúró lójú tèmi, ẹ wá a kàn kí ẹ kà á fúnra yín.

Ṣé mo lè ka àkópọ̀ tó wà lókè ìdájọ́ nìkan?

Rárá o. Olóòtú ìwé ló kọ ọ́, kì í ṣe adájọ́. Ó wà kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹjọ́ náà kan ọ̀rọ̀ yín ni. Ohun tí ẹ bá fẹ́ tọ́ka sí, inú ọ̀rọ̀ adájọ́ ni kí ẹ ti mú un, kí ẹ sì kọ orúkọ adájọ́ àti ojú-ewé sílẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá adájọ́ tó sọ ọ́ wà lára àwọn tó pọ̀ jù, torí adájọ́ tí kò fara mọ́ ìdájọ́ náà máa ń kọ tirẹ̀ sínú ìwé kan náà.

Ìwé àwọn onímọ̀ ńkọ́?

Ìwé wọn kì í ṣe òfin, kọ́ọ̀tù lè gbọ́ tàbí kó máà gbọ́. Ìwúlò wọn ni pé wọ́n ti bá yín kó ọ̀pọ̀ ẹjọ́ jọ, ẹ lè ti ìsàlẹ̀ ìwé wọn mú orúkọ ẹjọ́ mẹ́wàá níbi tí ẹ̀ bá fi rí méjì péré.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa wò ni ọdún tí ìwé jáde. Lórí ohun ìní ẹbí nílẹ̀ Yorùbá, ìwé Adájọ́ G.B.A. Coker ni àwọn lọ́yà ti ń lò tipẹ́. Ọdún 1958 ni àtẹ̀jáde rẹ̀ àkọ́kọ́, ọdún 1966 ni èkejì. Pírífì Káńsìlì sì dájọ́ lọ́dún 1962, láàárín méjèèjì. Ẹni tó bá ń ka àtẹ̀jáde 1958 kò lè bá òpin ẹjọ́ Dawodu pàdé níbẹ̀, bó ti wù kí ìwé náà dára tó. Ẹ ṣí ojú-ewé àkọ́kọ́ wo ọdún, kí ẹ tó ka ohunkóhun.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ìdájọ́ náà ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀?

Ibi mẹ́ta ni kí ẹ wò, ẹ má sì fo ìkankan.

Ẹ kọ́kọ́ wòkè: ṣé ẹjọ́ yìí gan-an lọ sí kòtẹ́milọ́rùn? Ẹ rántí adájọ́ àkọ́kọ́ inú ẹjọ́ Dawodu. Ohun tó sọ bọ́gbọ́n mu létí ọ̀pọ̀ èèyàn lónìí, ẹni tó bá sì rí i nìkan máa yọ̀ pé òun ti rí ẹjọ́ tó pa ìdí-igi. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yí i dà lókè lọ́dún 1958, Pírífì Káńsìlì sì fọwọ́ sí ìyípadà náà lọ́dún 1962. Ẹ fi orúkọ méjèèjì wá a, bó ṣe wà àti bó ṣe lè yí padà, kí ẹ sì wá àdírẹ́sì tí ọdún rẹ̀ pẹ́ jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwọn ẹjọ́ tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹjọ́ náà sínú àmì àyọlò, ẹ to èsì láti ọdún tó súnmọ́ wa jù, kí ẹ ka ohun tí adájọ́ kọ̀ọ̀kan sọ nípa rẹ̀. Nínú NWLR, ẹ máa rí àkójọ àwọn ẹjọ́ tí adájọ́ dárúkọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ṣọ́ lójú ìwé ni `followed`, ìyẹn ni pé wọ́n tẹ̀lé e. `distinguished`, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀ sí i. Àti `overruled`, wọ́n ti fagi lé e. Bí adájọ́ bá dárúkọ ẹjọ́ kan, ìyẹn nìkan kò ní ó tẹ̀lé e. Nígbà mìíràn lọ́yà tó fìdí rẹmi ló dárúkọ rẹ̀, adájọ́ kàn ń dá a lóhùn ni. Ẹ ka ìpínrọ̀ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e.

Ẹ sì tún wo ipò kọ́ọ̀tù tó ń sọ̀rọ̀. Abala 287 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè 1999 fi dandan lé e pé kí gbogbo kọ́ọ̀tù tẹ̀lé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Nítorí náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga kan tó bu ẹnu àtẹ́ lu ìdí-igi kò pa ẹjọ́ Dawodu. Ní ti Pírífì Káńsìlì, a kò gbé ẹjọ́ lọ bá wọn mọ́ láti ọdún 1963 tí Nàìjíríà ti di olómìnira tó ní ààrẹ. Nínú Johnson v Lawanson lọ́dún 1971, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ kọ̀ láti tẹ̀lé ìdájọ́ Pírífì Káńsìlì kan lórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà wà ní ṣíṣí láti kọ ìdájọ́ Dawodu pẹ̀lú, ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ nìkan ló lè gbà á.

Ibi kẹta ni ìsàlẹ̀, ìyẹn òfin tí ìdájọ́ náà dúró lé. Ìdájọ́ lè wà lódindi kí òfin abẹ́ rẹ̀ ti lọ. Ẹjọ́ ọdún 1980 tó ṣàlàyé abala 14 òfin ẹ̀rí àtijọ́ kò burú, kò sì sí kọ́ọ̀tù tó fagi lé e, àmọ́ òfin tó ń ṣàlàyé kò sí mọ́. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ inú òfin àtijọ́ àti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ kà wọ́n láti ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá jọra, ẹjọ́ náà ṣì lè wúlò. Bí wọ́n bá yàtọ̀ bíi ti abala 17, ẹ pa á tì lórí ìyẹn.

Mo gbọ́ pé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti fòpin sí àṣà ogún tó ń yan èèyàn jẹ. Ṣé kò ti pa ìdí-igi?

Ẹjọ́ Ukeje v Ukeje lẹ ní lọ́kàn, ti ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2014. Bàbá Ìgbò kan kú láìṣe wíìlì, ó ní dúkìá ní Èkó, wọ́n sì fẹ́ yọ ọmọ rẹ̀ obìnrin kúrò nínú ogún. Kọ́ọ̀tù ní àṣà tó ń fi ogún du ọmọ torí pé obìnrin ni ta ko abala 42 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Ẹjọ́ ńlá ni, inú mi sì dùn sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín ní ohun tí kọ́ọ̀tù ní láti pinnu lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin tí wọ́n lé kúrò nínú ogún ni wọ́n dájọ́ lé lórí. Ìdí-igi kì í lé ọmọ kankan, obìnrin ń gba tirẹ̀ nínú ìdí ìyá rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ìpín ọmọ kan lè kéré sí ti ọmọ mìíràn torí pé ìyá rẹ̀ bímọ púpọ̀. Abala 42(2) ní kí a má fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni torí bí wọ́n ṣe bí i. Lọ́yà àwọn ọmọ mẹ́rin ìyá kẹrin inú àpẹẹrẹ wa lè gbé abala yìí dìde, kó ní ìdí-igi náà rú u, a sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Àríyànjiyàn ni ìyẹn o. Ẹni tó bá kọ ọ́ bí ẹni pé Ukeje ti sọ ọ́ ń fi ọ̀rọ̀ sí kọ́ọ̀tù lẹ́nu.

Ṣé gbogbo ọmọ Yorùbá ni ẹjọ́ Dawodu kàn?

Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀ láìwádìí. Àṣà tó ń darí olóògbé ni kọ́ọ̀tù ń tẹ̀lé. Nínú Olowu v Olowu, `(1985) 3 NWLR (Pt. 13) 372`, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan ti gbà láti di ọmọ Bìní nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tó kú, àṣà Bìní ni wọ́n fi pín ogún rẹ̀, kì í ṣe ti Ìjẹ̀ṣà. Bí ẹbí yín bá ní àṣà ìlú tó yàtọ̀ sí ohun tí ẹjọ́ Dawodu sọ, ẹ gbọ́dọ̀ pe ẹlẹ́rìí tó mọ̀ ọ́n wá ṣàlàyé ní kọ́ọ̀tù, gẹ́gẹ́ bí abala 18 ti là á sílẹ̀.

Wọ́n fi ìdájọ́ kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, kò ní àdírẹ́sì kankan. Kí ni kí n ṣe sí i?

Ẹ wá nǹkan mẹ́rin nínú rẹ̀: orúkọ àwọn tó ń bára wọn ṣẹjọ́, kọ́ọ̀tù tó dá a, ọjọ́ tí wọ́n dá a, àti nọ́ńbà ẹjọ́, bíi `SC.` tàbí `CA/` tí nọ́ńbà àti ọdún tẹ̀lé. Ẹ fi wọ́n wá a lórí NigeriaLII. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni, nítorí ọ̀pọ̀ ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga kì í wọ inú ìwé àkójọ kankan. Ẹ mú nọ́ńbà ẹjọ́ náà lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀tù tó dá a, kí ẹ kọ̀wé béèrè ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí, kí ẹ san owó rẹ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Bí wọ́n bá wá inú fáìlì wọn tí wọn ò rí nọ́ńbà yẹn, ẹ má fi ìdájọ́ náà ti ohunkóhun lẹ́yìn.